Bí mo ṣe ṣe àwòṣe síláìdì fún ẹgbẹ́ aláró kan ní Ìtòkú

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláró kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ni ó gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Ó ju ẹnì kan lọ tó ń ṣe síláìdì ìpàdé fún wọn, oníkálukú sì ń ṣe é bó ṣe wù ú, tó fi jẹ́ pé àwọ̀ aró tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ máa ń dúdú nínú ìròyìn kan, tí yóò sì ṣá nínú òmíràn. Ìyá alága sọ fún mi pé, "A fẹ́ kí ẹni tó bá kọ ọ́ kàn kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, kí ìyókù ti wà nílẹ̀."

Nínú PowerPoint, mo ṣí View, mo tẹ Slide Master, ọ̀gá síláìdì tó ń darí ìrísí gbogbo síláìdì yòókù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwọ̀, ní Colors, lẹ́yìn náà Customize Colors. Àyè 12 ló wà níbẹ̀: mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn síláìdì, mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Accent, àti méjì fún líǹkì. Mo fi aró, `#1F2A5C`, sí Accent 1, mo sì fi àwọ̀ ìyeyè, `#E0A526`, sí Accent 2. Nígbà tí ènìyàn bá mú àwọ̀ láti inú àwọn àyè yìí, orúkọ àyè náà ni fáìlì ń rántí, kì í ṣe nọ́ńbà àwọ̀, nítorí náà bí ẹgbẹ́ bá yí aró wọn padà lọ́la, ibi kan ṣoṣo ni a ó ti yí i. Láti mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa, mo sọ Accent 1 di pupa fún ìgbà díẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá pupa pẹ̀lú rẹ̀, láti More Colors ni wọ́n ti kùn ún, mo sì tún un kùn.

Mo kíyè sí àwọ̀ ìyeyè gidigidi. Lórí funfun, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí 2.2 sí 1 lọ, bẹ́ẹ̀ WCAG, ìlànà tó wà kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun orí ayélujára kà, ní kí ó tó 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ kéékèèké. Àwọn tó bá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò ní lè kà á. Lórí aró, ó lé ní 6 sí 1. Nítorí náà, orí aró nìkan ni mo jẹ́ kí a ti máa fi í kọ̀wé.

Ìtò ojú ewé, tí PowerPoint ń pè ní Layout, ni mo wá dojú kọ. Mo pa èyí tó pọ̀ jù rẹ́, mo ṣẹ́ ìwọ̀nba tí wọ́n ń lò kù, mo sì lo àkókò jù lọ lórí èyí tí wọn yóò fi máa fi aṣọ tuntun hàn. Mo lọ sí Insert Placeholder, mo mú Picture, mo sì fà á gùn sókè, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́, nítorí àyè yìí máa ń gé àwòrán títí yóò fi kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù tí wọ́n gbé dúró ni wọ́n fi ń ya àdìrẹ tí wọ́n so kọ́. Bí àyè náà bá gbòòrò, òkè àti ìsàlẹ̀ bátànì yóò lọ.

Ìtọ́ni inú àyè ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Mo fi àyè ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, mo pa ìlà márààrún tó bá a wá rẹ́, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kọ orúkọ bátànì, bóyá oníko ni tàbí ẹlẹ́kọ, àti iye owó rẹ̀. Má ju ìlà mẹ́ta lọ." Bí akọ̀wé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, ìtọ́ni náà á pòórá, bí ó bá sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kò ní hàn nígbà tí a bá ń fi síláìdì han ìpàdé. Ṣùgbọ́n tí a bá kọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà sínú Text Box lórí ìtò ojú ewé, yóò hàn lórí gbogbo síláìdì tó bá lo ìtò náà, akọ̀wé kò sì ní lè pa á rẹ́ láti ojú síláìdì tirẹ̀.

Mo fi fáìlì náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí `.potx`. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dà tuntun ló ń ṣí. Bí wọ́n bá gba inú File, Open, àwòṣe gan-an ló ń ṣí, wọ́n sì lè kọ nǹkan bò ó. Mo tún fi hàn wọ́n pé bí wọ́n bá ń kó síláìdì àtijọ́ wọlé, kí wọ́n mú Use Destination Theme, nítorí Keep Source Formatting máa ń kó àwọ̀ àti ìtò àtijọ́ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fura lè ṣí Slide Master: bí ó bá rí ọ̀gá síláìdì kejì níbẹ̀, ìtò àtijọ́ ti wọlé nìyẹn.

Mo ṣàlàyé fún ìyá alága pé àtúnṣe tí a bá ṣe sí àwòṣe kì í dé inú ìròyìn tí wọ́n ti fi ṣe tẹ́lẹ̀. Ìròyìn tuntun tí wọ́n bá fi àwòṣe náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe nìkan ni yóò gbé e. Wọ́n yan akọ̀wé àgbà láti máa tọ́jú ojúlówó fáìlì náà.