Bí Mo Ṣe Gba Owó Orí Tí Wọ́n Yọ Lé Mi Lórí Padà

Owó orí tí mo san lórí èlé owó mi fi 100 lé sí iye tó tọ́, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì tó kàn ti jọ ṣe àdéhùn pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ san owó orí lẹ́ẹ̀méjì lórí owó kan náà. Ó dùn mí gan-an.

Òkè òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí mi kò dá wàhálà kankan sílẹ̀. Mo ti san owó orí lórí rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́, fífi í ránṣẹ́ kò sì dín owó orí mi kù. Èyí tí mo ń fi pamọ́ sí báńkì nílé ló mú èlé wá, owó tó wọlé fún mi sì ni èlé. Lọ́dún náà, èlé mi jẹ́ 2,000. Báńkì yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 300, kí ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Níbi tí mo ń gbé, ìdá 20 ni wọ́n ń gbà, ìyẹn 400. Mo ní n ó yọ 300 tí mo ti san nílé kúrò, n ó san 100. Wọ́n ní 200 ni kí n san. Ìgbà tí mo fúnra mi ka àdéhùn náà ni ó tó yé mi. Abala tó dá lé èlé, tó sábà máa ń jẹ́ Abala 11, sọ pé ibi tí èlé ti jáde kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 10 lọ. Iye tí àdéhùn fọwọ́ sí yẹn, 200, nìkan ni ibi tí mo ń gbé yóò yọ fún mi. Nílé ni kí n ti lọ gba 100 tó lé.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò le rárá. Ìwé ẹ̀rí ibùgbé ni ojú mi ti rí màbo. Àwọn agbowó orí ibi tí mo ń gbé ló ń kọ ọ́, láti fi hàn pé olùgbé ọ̀dọ̀ wọn ni mo jẹ́. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí tó dé kò dárúkọ àdéhùn, kò sì sọ ọdún tó wà fún. Nílé, wọ́n dá a padà. Mo tún béèrè. Èkejì kọ ọdún owó orí tibẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, nígbà tí èlé mi ti wọlé láti oṣù kejì! Wọ́n tún dá ìyẹn náà padà. Inú bí mi, àmọ́ mi ò jáwọ́. Nígbà kẹta, mo kọ orúkọ àdéhùn àti ọjọ́ tí èlé wọlé gan-an sínú lẹ́tà mi, mo sì fi ìwé tí báńkì fi yọ owó tì í. Ìyẹn ló kọjá.

Oṣù keje ni 100 mi tó dé. Ìwé ẹ̀rí ọdún tuntun ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sí báńkì kí èlé tó jáde, ìdá 10 péré ni wọ́n sì yọ. Ká ní mo mọ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìdá tó wà nínú àdéhùn tiyín o, kì í ṣe 10 ni gbogbo wọn kọ.