Àlàyé mẹ́rìnlá tó gba ìdajì owó mi

20,000 owó sẹ́fà ni a jọ ṣàdéhùn. 10,000 ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi sọ pé àlàyé tí mo kó sí ìsàlẹ̀ ìròyìn tí mo túmọ̀ ti pọ̀ jù, pé òun máa wá ẹlòmíràn tí yóò gé e kù. Inú bí mi gan-an, torí òru méjì ni mo fi wá àlàyé wọ̀nyẹn. Mo ní kó dá iṣẹ́ mi padà, èmi náà ni màá tún un ṣe.

Ìròyìn náà dá lórí ìṣúra ọba Dàhòmì 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí wọ́n sì pàtẹ ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 2022. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Yorùbá tí àwa ará Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn ará Èkó máa jọ kà lórí fóònù ni wọ́n fẹ́. Ọ̀sán kan ti tó fún títúmọ̀ rẹ̀. Àlàyé 14 ni mo wá kó sí ìsàlẹ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Mo gbé e fún ọmọ àbúrò mi kó kà á, mo sì jókòó tì í. Nígbà tó kan nọ́ńbà kìíní, ó fi ìka fa ojú-ìwé lọ dé ìsàlẹ̀, ó padà, kò rí ibi tó kà dé mọ́. Kò tún wo nọ́ńbà kankan lẹ́yìn ìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́. Èyí tó pọ̀ jù kò le. Orúkọ ilé tí ìṣúra náà wà ní Párììsì, mo yọ ọ́, mo kọ «ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Párììsì», ó sì tán.

Marina ló há mi lọ́rùn. Ààfin Ààrẹ wa ní Kútọnu ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì pàtẹ àwọn ìṣúra yẹn sí. N kò fi àlàyé kankan sí i, torí mo rò pé kò sẹ́ni tí kò mọ Marina. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Èkó. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀: «Wọ́n kó ère àwọn ará Dàhòmì wá sí Marina níbí, n kò sì gbọ́? Báńkì wo ni wọ́n kó o sí?»

Ọkàn mi pòrúùrù. Mo ti kọ àlàyé fún ohun 14, èyí tí mo fò ló ṣi òǹkàwé lọ́nà jù. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan yóò béèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sí nǹkan mìíràn kò ní béèrè, yóò kàn máa kà á lọ. Látìgbà náà, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Mo kọ ọ́ báyìí: «Ààfin Ààrẹ ní Kútọnu, tí wọ́n ń pè ní Marina». Mo rò pé mo ti bọ́, àfi ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìròyìn tí akọ̀ròyìn sọ pé Marina ti ṣèlérí ilé tuntun fún àwọn ìṣúra náà. Ilé kì í ṣèlérí! Ìjọba ló ń sọ níbẹ̀. Bí mo bá fi Ààfin sí i, a jẹ́ pé ògiri ló ń sọ̀rọ̀. «Ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀» ni mo kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀nà méjì, odidi alẹ́ kan ló sì gbà mí.

Àlàyé kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀, mo sì gbé e sókè, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀: Bẹ̀nẹ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ìlú Benin ti ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ère ti Ẹdó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó wọn ní 1897. Tiwa, ọmọ ogun Faransé ló kó wọn ní Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ní 1892. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò ka gbogbo rẹ̀ sódì.

Èyí tó dùn mí láti yọ ni ti ọba Glẹ̀lẹ̀. Mo ti kọ ọ́ pé «ọba tí ogun rẹ̀ run Kétu ní 1886». Òótọ́ ni, ọmọ Kétu sì ni mí, ẹnubodè Akaba Ìdènà kò jìnnà sílé wa. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn kò sọ ọ́. Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé akọ̀ròyìn ló sọ ọ́, ìròyìn ayọ̀ yóò sì di ẹjọ́. Ohun tí òǹkàwé nílò níbẹ̀ ni kó mọ ẹni tí Glẹ̀lẹ̀ jẹ́ láàárín àwọn ọba mẹ́ta tí ìròyìn náà dárúkọ. Nítorí náà mo kọ «Glẹ̀lẹ̀, ọmọ Gẹ̀zò, bàbá Gbẹ̀hánzìn». Ọ̀rọ̀ Kétu, mo kọ ọ́ lọ́tọ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò pè mí. Ìròyìn náà ti jáde bí mo ṣe kọ ọ́. 10,000 tó kù kò tíì dé.