Bí mo ṣe kọ ẹ̀kúnwó epo láìba àárín èmi àti oníepo mi jẹ́

Màmá tó ń kó epo pupa fún mi láti Ìkirè fi ₦4,000 lé owó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ó ní owó ọkọ̀ ti wọ́n. Oṣù kẹrin nìyẹn, ìgbà tí epo máa ń pọ̀ lọ́jà. Mo bi awakọ̀ léèrè. Lóòótọ́ ló fi ₦20,000 lé owó ẹrù, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì 40 ló ń kó. ₦500 péré ló kan kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó pe Màmá, mo san gbèsè tó kù, mo sì dá àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀ padà, torí ẹni tí a jẹ lówó kì í fẹ́ gbọ́ àròyé. Mo wá ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Epo yín dára, kì í tètè kan. Àmọ́ agbára mi ò ká iye tuntun yìí. Mo lè fi ₦500 owó ọkọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n sinmi lóṣù yìí. Tí iye bá yí padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

N ò dárúkọ oníepo mìíràn rárá. Ìhàlẹ̀ ni ì bá jọ.

Ó kọ̀. Mo ra díẹ̀ níbòmíràn, omi wà nínú rẹ̀, ó sì ń ta pàràpàrà nínú agbada. Nígbà tí Màmá pè padà, ₦1,000 ló fi lé e. Mo gbà.