Ibi tí a bá ti la bébà ni apá aṣọ ti ń fẹ̀: bíṣọ́ọ̀bù, itan àgùntàn, rágúlánì àti àwọn yòókù

Oníbàárà á na fóònù sí ọ, á ní, "Àǹtí, apá tó rí báyìí ni mo fẹ́ o." Tí o bá mọ orúkọ apá náà, o ti mọ ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà. Orúkọ ló ń sọ bóyá ìsàlẹ̀ ló fẹ̀ àbí òkè, bóyá apá dá dúró àbí ó lẹ̀ mọ́ ara aṣọ.

Páátánì kan ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn: apá gbọọrọ tó bá àmúhóòlù mu wẹ́kú. Ká mú obìnrin kan tí òkè apá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 13, tí àmúhóòlù aṣọ rẹ̀ sì jẹ́ 17½. Fi 2 kún òkè apá kó má bàa há a, ó di 15. Jẹ́ kí orí apá, ibi tó tẹ̀ kọrọdọ lókè, ga ní ínǹṣì 5. Wá gbé téèpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o fi wọn etí orí apá náà yíká. Ó yẹ kó fi bí ínǹṣì 1 ju àmúhóòlù lọ, torí èjìká ènìyàn rí róbótó, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Fa ìlà kan láàárín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o fa òmíràn kọjá ní ìgbọ̀nwọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù ló rọrùn jù. Ẹ wo apá aṣọ funfun tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ń wọ̀, bó ṣe wú kó tó há mọ́ ọrùn ọwọ́. Fa ìlà mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, la wọ́n, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí bébà já lókè. Ya ojú ibi kọ̀ọ̀kan ní ínǹṣì 2. Ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 10 tẹ́lẹ̀ di 18. Orí apá kò yí padà. Ní apá ẹ̀yìn, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ń tẹ̀ sí, jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gùn sí i ní ínǹṣì 1, kí aṣọ lè rọ̀ bo kọ́ọ̀fù. Tí o bá fo èyí, apá náà á máa fà sókè ní gbogbo ìgbà tó bá ká ọwọ́ kò.

Itan àgùntàn ni kí a fara balẹ̀ sí. Àwọn obìnrin Yúróòpù wọ̀ ọ́ gan-an ní àwọn ọdún 1890: òkè wú bí itan ẹran, ìsàlẹ̀ rọ̀ mọ́ ọwọ́. La ìlà àárín láti òkè dé ìgbọ̀nwọ́, kí o wá la ìlà ìgbọ̀nwọ́ sí ọ̀tún àti òsì, díẹ̀ kó tó dé etí. Ya ìdajì méjèèjì òkè síra, títí àlàfo orí yóò fi tó ínǹṣì 6. Ya orí tuntun bo àlàfo náà, kó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 1½. Ran ìlà méjì tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn, fa okùn wọn kó ṣù.

Òkè èjìká nìkan ni ṣíṣù yẹn gbọ́dọ̀ wà. Mo ti jẹ́ kó dé abẹ́ apá rí nínú aṣọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wọ̀ ọ́, kò lè nawọ́ gbé ìkòkò láti orí pẹpẹ. Fi àmì sí i níwájú àti lẹ́yìn, bí ínǹṣì 3 sí ìsàlẹ̀ èjìká, kí ṣíṣù má kọjá ibẹ̀. Àǹkárá á dúró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣífóònù á wó lulẹ̀ àfi tí o bá fi nẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ rẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá sì há ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, fi bọ́tìnnì tàbí síìpù sí i.

Apá káàpù kò gba bébà púpọ̀: orí apá yẹn kan náà ni, tí a gé kúrò lókè ní nǹkan bí ínǹṣì 3. Kò dé abẹ́ apá, nítorí náà fi báyáàsì pa etí àmúhóòlù tó kù.

Rágúlánì gba ọ̀nà mìíràn. Orúkọ Lọ́ọ̀dù Rágúlánì ló ń jẹ́, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ogun Wátálú lọ́dún 1815. Gé èjìká ara aṣọ kúrò, láti ọrùn wá sí àárín àmúhóòlù, níwájú àti lẹ́yìn, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí apá. Apá wá dé ọrùn. Fi dáàtì sí ojú èjìká. Bí kò bá sí, aṣọ á yọ ṣóńṣó níbẹ̀.

Dólúmánì kò ní àmúhóòlù rárá; apá àti ara aṣọ ni a gé pọ̀, bíi ti kàfutáànì. Abẹ́ apá tó tẹ̀ ni kí o fi téèpù lé kó má bàa ya, kí o sì fi sísọ́ọ̀sì já a wẹ́wẹ́ láì kan ìránṣọ. Wọn àǹkárá rẹ kí o tó gbowó: èyí tó fẹ̀ ní 45, tí a bá ṣẹ́ ẹ po ní gígùn, kù 22½. Yọ 7½ fún ìdajì èjìká, 15 ló kù fún apá, kò ní kọjá ìgbọ̀nwọ́ dáadáa. Oníbàárà tó bá fẹ́ ẹ dé ọrùn ọwọ́, jẹ́ kó mọ̀ pé o máa so ó pọ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, tàbí kó ra aṣọ tó fẹ̀ ní 60.