Bí A Ṣe Ń Lóye FTL, Kiráyósílíìpù àti Tẹrafọ́ọ̀mù Nínú Ìtàn Ìràwọ̀

Tí a bá jọ ń wo fíìmù tí ọkọ̀ ti ń ti ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ní Tánkẹ́ nílùú Ìlọrin níbí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni wọ́n sábà máa ń bi mí. Àtirìn ọ̀nà jíjìn ló bí méjì nínú wọn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà ọ̀hún ṣe jìn tó.

Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà. Ìlọrin sí Èkó kò ju nǹkan bí 300 lọ. Síbẹ̀, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ kó tó dé Pírọ́ksímà, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn. Fọ́yéjà 1, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní 1977, ń sáré kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní Pírọ́ksímà ló dojú kọ, yóò lò ju 70,000 ọdún lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé dá sí i. Bí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bá dé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, FTL nìyẹn, ìrìn tó yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kàn tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì o. Bí ohun tó ní ìwúwo bá ṣe ń sún mọ́ eré ìmọ́lẹ̀ ni agbára tó ń fẹ́ ń pọ̀ sí i láìlópin. Ìdí nìyẹn tí òǹkọ̀wé fi máa ń ká òfurufú pọ̀ tàbí kó lu ihò sí i, kí ọ̀nà fúnra rẹ̀ lè kúrú.

Bí kò bá sí FTL, wọ́n á sùn. Ẹ jẹ́ ká mú Táyé àti Kẹ́yìndé, ọmọ Òmù-Àrán, ẹni 20 ọdún. Táyé wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Pírọ́ksímà, tó ń sáré ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì fi òtútù mú un sùn. Yóò lo nǹkan bí ọdún 42 lọ́nà. Nígbà tó bá jí, ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni 20, ṣùgbọ́n Kẹ́yìndé ti di ẹni 62 nílé. Kiráyósílíìpù nìyẹn. Bí oorun náà kò bá dá ọjọ́ ogbó dúró, oorun lásán ni. Lóòótọ́, àwọn dókítà máa ń mú ara ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró tutù díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan láti dáàbò bo ọpọlọ, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kó dì. Bí omi inú ẹran ara bá di yìnyín, á ya á. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ òde òní ṣì há sí.

Tẹrafọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ kò kan ìrìn rárá. Wọ́n ti débẹ̀, wọ́n wá fẹ́ sọ ilẹ̀ ọ̀hún di bí Ayé. Ní pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, afẹ́fẹ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, òtútù ibẹ̀ sì tó ìwọ̀n 60 nísàlẹ̀ òdo. Ó di dandan kí wọ́n mú un móoru, kí wọ́n mú afẹ́fẹ́ rẹ̀ nípọn, kí wọ́n sì fi ọ́síjìn sí i. Nínú ìtàn tó bá ṣọ́ra, iṣẹ́ ìran púpọ̀ ni. Bí àwọn ènìyàn bá ń gbé abẹ́ òrùlé gíláàsì, tí wọ́n sì ń wọ ẹ̀wù afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó jáde, wọ́n kàn kọ́ ilé síbẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí ẹni tó dúró níta láìbo imú, tó ń mí, tẹrafọ́ọ̀mù nìyẹn.