Bí a ṣe ń ṣe kalẹ́ńdà ọdún fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́: ọdún 2027 ní agbègbè Kábà

Kalẹ́ńdà tí ẹ bá fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ dàrú. Ohun tí ẹ kò lágbára lé lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀: ààwẹ̀, òjò, oko àti ìdánwò. Ibi tó bá ṣẹ́ kù ni tiyín. Kí alága, akọ̀wé àti akápò jókòó ní Òkítóbà ọdún tó ṣáájú, kí ẹ sì pe ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kejì. Ní ilẹ̀ Òkun, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ olórí ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ọ̀dọ́ mọ́sálásí. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá mú ọjọ́ kan náà, ìyá wọn ni yóò máa wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ẹ wá mú ààwẹ̀. Nítorí pé òṣùpá ni ọdún Ìsìláàmù ń tẹ̀ lé, Rámàdánì máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yára dé lọ́dọọdún. Ní 2027, a retí rẹ̀ ní nǹkan bí 8 Fẹ́búárì, kí ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí 9 tàbí 10 Máàṣì. Ọjọ́rú Eérú jẹ́ 10 Fẹ́búárì, Àjíǹde sì jẹ́ 28 Máàṣì. Ẹ ò rí i pé ààwẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé pọ̀. Iléyá náà yóò wà ní nǹkan bí 16 Mèé, Sọ́ńdè tí Pẹ́ńtíkọ́sì bọ́ sí gan-an. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ Àjíǹde, ṣùgbọ́n ẹ fi pẹ́ńsù kọ ti mùsùlùmí, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, torí ìkéde Sọ́tán Ṣókótó lórí òṣùpá ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ti san owó ilé àpèjẹ kí òṣùpá tó yọ, òun ló mọ̀.

Àkókò kajú nìyẹn pẹ̀lú. Láti Fẹ́búárì títí wọ Épírìlì, inú oko ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wà, wọ́n ń ṣa kajú láti ìdájí. Ẹ má fi wáàsí sí àárọ̀ Sátidé. Àwọn mùsùlùmí lè fi tàfúsírù sí ọ̀sán Sátidé lẹ́yìn ìrun Ásàrì. Àwọn onígbàgbọ́ lè fi ìpàdé Lẹ́ńtì sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ìgbà kajú náà ni owó wà lọ́wọ́. Owó ẹgbẹ́ àti owó ọkọ̀ ìjáde, ẹ gbà á ní Máàṣì àti Épírìlì. Tí ẹ bá dúró di Ọ́gọ́ọ̀sì, "ẹ jẹ́ kí a kórè ná" ni ẹ ó máa gbọ́.

Mèé àti Júùnù jẹ́ ti WAEC, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan péré, ẹ fi sí Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé. Kí ó wà nínú ilé, torí òjò. Bí ìlú yín bá ń ná ọjà ọrọọrún, ẹ ka ọjà náà títí dé ọjọ́ yẹn: lọ́jọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n ló ń ṣe kòńgẹ́ Sátidé. Ẹ bá ọjà jà, àga òfo ni ẹ ó wàásù fún.

Ìjáde ló máa ń ṣòro jù. Ká ní Òkè Pátì ní Lọ́kọ́jà ni ẹ fẹ́ lọ, láti wo ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ẹ má lọ ní Sẹ̀tẹ́ńbà tàbí Òkítóbà: ìgbà yẹn ni odò máa ń kún wọ ìlú. Ẹ má sì dúró di Dìsẹ́ńbà tàbí Jánúárì, nítorí eruku ọyẹ́ yóò bo gbogbo rẹ̀, funfun lásán ni ẹ ó rí láti orí òkè. Ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà ló dára: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé. Ní 2027, Sátidé 6 Nòfẹ́ńbà bọ́ sí i. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì pọ̀ lójú ọ̀nà tó gba Ọbájánà, nítorí náà ẹ gbéra láàárọ̀, kí ẹ sì kúrò ní Lọ́kọ́jà ní aago méjì ọ̀sán. Òru kì í ṣe àkókò ìrìn lójú ọ̀nà wa mọ́. Bí awakọ̀ bá ní òun kò lè gba aago méjì, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wá bọ́ sí Sọ́ńdè 21 Nòfẹ́ńbà, nítorí ní 28 ni Ádífẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Iṣu ti wà nílé, ẹ̀wà ti ń gbẹ, ọ̀sẹ̀ méjì sì wà láàárín rẹ̀ àti ìjáde tí àwọn ọ̀dọ́ fi lè sinmi, kí wọ́n sì gbá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí kò ní irú ìkórè yìí, àmọ́ sàká irè oko ń bẹ: bó bá jẹ́ òjò ló fún un lómi, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkà tó bá tó ìwọ̀n ni. Ọjọ́ tí a bá kó o ni ó di dandan, kì í ṣe òpin ọdún. Nítorí náà, ọjọ́ gbígba àgbàdo àti ọjọ́ gbígba ọkà bàbà kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ kọ àgbàdo sí Ọ́gọ́ọ̀sì, ọkà bàbà sí Dìsẹ́ńbà, kí ẹ sì yan ọmọkùnrin méjì tó ní ọ̀kadà tí yóò gbé e dé ilé àwọn tó tọ́ sí.