Ìwé fọ́tókọ́pì tó ní Z[i] kì í ṣe UFD: bí mo ṣe tún ojú ewé náà kọ

Owó ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní áljẹ́bírà ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ níbí dáwó jọ, wọ́n ra ìwé àlàyé kan tí wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ kiri. Ó wọ́n ju àwọn tó kù lọ nítorí wọ́n ní àpẹẹrẹ kún inú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbi tó yẹ kí wọ́n ti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo dòméènì odidi ni UFD, ìyẹn èyí tí ọ̀nà láti fọ́ ohun inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo:

5 = (2+i)(2−i) = (1+2i)(1−2i)

Inú Z[i] nìyẹn, àwọn nọ́ńbà a + bi tí a àti b jẹ́ nọ́ńbà odidi, tí i² sì jẹ́ −1. Wọ́n ní ọ̀nà méjì nìyẹn, pé Z[i] kì í ṣe UFD. Irọ́ ni. UFD ni Z[i], kódà PID ni. Ọmọ tó bá há a sórí tó lọ kọ ọ́ nínú ìdánwò ti sọ máàkì nù, owó ìwé náà ò sì ní padà wá. Mo bá tún ojú ewé náà kọ látòkè délẹ̀.

N ò fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ríǹgì jẹ́. Dòméènì odidi ni ríǹgì tó ní 1, tí ab àti ba jẹ́ ọ̀kan náà nínú rẹ̀, tí ohun méjì tí kì í ṣe 0 kò sì lè bá ara wọn pọ̀ kí wọ́n di 0. Tí gbogbo áídíà inú rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹyọ kan, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó wà nínú áídíà náà jẹ́ ìlọ́po d kan ṣoṣo tí òun náà wà nínú rẹ̀, PID nìyẹn. Tí gbogbo ohun tí kì í ṣe 0, tí kì í sì í ṣe yúníìtì, bá ṣeé fọ́ títí dórí àwọn aláìṣeéfọ́, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti fọ́ ọ, UFD nìyẹn. Gbogbo PID ni UFD, gbogbo UFD ni dòméènì odidi. Ẹ má dá a padà sẹ́yìn ni o.

Gbólóhùn “ọ̀nà kan ṣoṣo” yẹn ni ẹni tó kọ ìwé náà fò. A kì í ka ètò tí wọ́n tò ó sí, a kì í sì í ka yúníìtì sí. Yúníìtì ni ohun tó ní ìdojúdé nínú ríǹgì náà. Nínú Z[i], mẹ́rin péré ni wọ́n: 1, −1, i, −i. Ẹ wá ṣe ìsọdipúpọ̀ yìí fúnra yín:

i(2−i) = 1+2i
−i(2+i) = 1−2i

Fákítọ̀ kan náà ni wọ́n tún kọ. Ẹni tó bọ́ agbádá tó wọ dàńṣíkí ò tíì di ẹlòmíràn.

Irú ẹ̀tàn kejì tún wà tó yẹ kéèyàn mọ̀, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọn yóò sá lọ tí a bá lé wọn kúrò níbí. Nínú Z[i] náà, 10 = 2·5 = (1+3i)(1−3i). Yúníìtì ò so ìwọ̀nyí pọ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì fọ́ wọn délẹ̀: 1+3i = (1+i)(2+i), bẹ́ẹ̀ ni 2 = (1+i)(1−i). Tí ẹ bá fọ́ apá méjèèjì tán, fákítọ̀ kan náà lẹ ó bá níbẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdáhùn: ṣé gbogbo wọn jẹ́ aláìṣeéfọ́ lóòótọ́? Ṣé kì í ṣe yúníìtì ló wà láàárín wọn?

Z[√−5] ló dáhùn méjèèjì dáadáa. Àwọn nọ́ńbà a + b√−5 ló wà nínú rẹ̀, tí a àti b jẹ́ nọ́ńbà odidi. Níbẹ̀:

6 = 2·3 = (1+√−5)(1−√−5)

Irinṣẹ́ tí a nílò ni nọ́ọ̀mù, N(a + b√−5) = a² + 5b². Nọ́ọ̀mù ohun méjì tí a sọ di púpọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀mù wọn tí a sọ di púpọ̀. Yúníìtì gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀mù 1, a² + 5b² kò sì lè jẹ́ 1 àfi tí b bá jẹ́ 0, tí a jẹ́ 1 tàbí −1. Yúníìtì méjì péré nìyẹn.

Nọ́ọ̀mù 2 jẹ́ 4, ti 3 jẹ́ 9, ti 1+√−5 àti 1−√−5 jẹ́ 6. Tí 2 bá fọ́ sí méjì tí ìkankan wọn kì í ṣe yúníìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀mù 2. Ṣùgbọ́n a² + 5b² kò lè jẹ́ 2 láé: tí b bá jẹ́ 0, kò sí nọ́ńbà odidi tí a² rẹ̀ jẹ́ 2, tí b ò bá jẹ́ 0, a² + 5b² ti kọjá 4. Bákan náà ni 3 ṣe rí. Nítorí náà 2 ò ṣeé fọ́, 3 ò ṣeé fọ́, àwọn méjì tí nọ́ọ̀mù wọn jẹ́ 6 náà ò ṣeé fọ́, torí wọ́n nílò ẹni tí nọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 2 àti ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 3. Nọ́ọ̀mù 4 kì í ṣe 6, 9 náà kì í ṣe 6, yúníìtì ò lè so wọ́n pọ̀. Ó parí.

Ibi tí iṣẹ́ ti wá há mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí 2 ò bá ṣeé fọ́, ṣé kì í ṣe pé práìmù ni?” Ìwé tí wọ́n rà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni méjèèjì níbi gbogbo. Práìmù ni ohun tó jẹ́ pé, tó bá pín ab láìṣẹ́kù, ó gbọ́dọ̀ pín a tàbí kó pín b. Nínú Z[√−5], 2 pín 6, èyí tó jẹ́ (1+√−5)(1−√−5), ṣùgbọ́n ẹ fi 2 pín 1+√−5 kí ẹ wò: ìdajì ni a, ìdajì ni b, kò sí nínú ríǹgì náà. Bákan náà ni 1−√−5 rí. Aláìṣeéfọ́ ni 2, kì í ṣe práìmù.

Nínú PID, èyí ò lè ṣẹlẹ̀. Ká ní p ò ṣeé fọ́, ó pín ab, kò pín a. Áídíà (p, a) jẹ́ ti ẹyọ kan, d, tó pín p. Nítorí p ò ṣeé fọ́, d jẹ́ yúníìtì tàbí kí òun àti p yàtọ̀ ní yúníìtì nìkan. Ti ẹ̀yìn yìí yóò mú kí p pín a, a sì ti ní kò pín in. Yúníìtì ni d nígbà náà, px + ay = 1 sì wà. Ẹ fi b lu gbogbo rẹ̀: b = pbx + aby. p pín apá méjèèjì, ó pín b nìyẹn. Ìlà yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀nà ìfọ́ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú PID. Pé ìfọ́ náà yóò dópin rọrùn jù ú lọ, mo fò ó.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń kọsẹ̀ níbí. Ní 1847 ní Páríìsì, onímọ̀ ìṣirò Gabriel Lamé kéde pé òun ti yanjú ìbéèrè Fermat nípa xⁿ + yⁿ = zⁿ, ó sì gbára lé ìfọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Liouville, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, bi í léèrè lójú ẹsẹ̀ pé ibo ló ti rí ìyẹn. Kummer ti fi hàn ṣáájú pé ó ń kùnà.

Ó ku UFD tí kì í ṣe PID: Z[x], àwọn pólínómíà tí àwọn nọ́ńbà inú wọn jẹ́ odidi. Gauss ti yanjú pé UFD ni. Ẹ mú áídíà (2, x). Ká ní ẹyọ kan, d, ló ni ín: d pín 2, nítorí náà 1, −1, 2 tàbí −2 ni. 2 ò lè pín x, ó ku 1 tàbí −1, ìyẹn ni pé 1 wà nínú áídíà náà: 1 = 2f + xg. Ẹ fi 0 dípò x, ó di 1 = 2f(0). Nọ́ńbà tí 2 pín láìṣẹ́kù ò lè jẹ́ 1.

Ẹ ṣọ́ ríǹgì tí ẹ wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá kọ Q[x], níbi tí àwọn nọ́ńbà inú pólínómíà ti lè jẹ́ ìdá, dípò Z[x], ìdá méjì 1 ti wà níbẹ̀, 2 ti di yúníìtì, (2, x) ti gba gbogbo ríǹgì, Q[x] sì jẹ́ PID. Mo rí irú àṣìṣe yẹn nínú ìwé fọ́tókọ́pì kan náà, ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e.